Páásìwọ́ọ̀dù mẹ́ta nínú ráútà elédè Ṣáínà: ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé n'Ìbàdàn

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Bódìjà. Wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì níbẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni wọ́n ní, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń gba iṣẹ́ láti orí wáìfáì, àti ráútà funfun kan tó ní eríàlì mẹ́rin. Àbúrò ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló rà á bọ̀ láti Ṣáínà. Ráútà náà lágbára, kò sẹ́ni tó ráhùn nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọjà ilé Ṣáínà ni. Gbogbo ojú-ewé tí wọ́n ti ń tò ó, èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè yan èdè míì. Ẹni tó bá wọn tò ó níjọ́ tí wọ́n gbé e dé ti kó kúrò nílùú.

Ohun tó fà á tí wọ́n fi fẹ́ fọwọ́ kàn án ni pé dátà wọn kì í dé ìdajì oṣù mọ́ kó tó tán. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gba òmìnira, ó sì ti sọ páásìwọ́ọ̀dù wáìfáì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kángun sí ti ìyá náà. Ìyá fẹ́ orúkọ wáìfáì tuntun àti páásìwọ́ọ̀dù tuntun, kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19 tó ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ní òun máa ṣe é.

Ọmọ náà kò ṣe é bí òmùgọ̀, mo fẹ́ kí èyí yé yín. Ó rí àdírẹ́ẹ̀sì ráútà lára bébà tó wà nídìí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú búráúsà fóònù rẹ̀, ó fi páásìwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù wọlé. Lẹ́yìn náà ló ní kí búráúsà túmọ̀ ojú-ewé náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ yí padà lójú ẹ̀. Ó rí `Change password`, ó tẹ̀ ẹ́, àpótí mẹ́ta yọ sí i: kó kọ páásìwọ́ọ̀dù àtijọ́, kó kọ tuntun, kó tún tuntun kọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe gbogbo rẹ̀, ráútà sì dáhùn pé ó ti wọlé.

Síbẹ̀, gbogbo fóònù tó wà lórí wáìfáì kò kúrò níbẹ̀. Páásìwọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àpótí mẹ́ta yẹn ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ojú-ewé tí wọ́n ti ń yí páásìwọ́ọ̀dù wáìfáì padà kì í béèrè ti àtijọ́. Àpótí kan ṣoṣo ló máa ń ní, ó sì máa ń wà lẹ́bàá àpótí tí orúkọ wáìfáì wà. Ibi tí wọ́n bá ti ní kó o kọ́kọ́ kọ ti àtijọ́, kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ojú-ewé ráútà fúnra rẹ̀ lo ń pààrọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ọmọ náà yí padà nìyẹn. Ọpẹ́ ni pé ó kọ tuntun náà sínú fóònù rẹ̀.

Ó wá rò pé ó yẹ kí ráútà kú kó tún tàn kí àtúnṣe tó lè mú. Èrò náà kò burú. Ó wọ ibi tí wọ́n kọ `系统工具` sí, ìyẹn irinṣẹ́ ráútà, ó rí bọ́tìnnì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwòrán ni wọ́n fi ṣe bọ́tìnnì méjèèjì, kì í ṣe ọ̀rọ̀, nítorí náà ìtumọ̀ búráúsà kò kàn wọ́n. Ó tẹ ọ̀kan. Àpótí kékeré kan fò jáde, èdè Ṣáínà ló wà nínú rẹ̀, `OK` àti `Cancel` sì wà nísàlẹ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀, búráúsà fúnra rẹ̀ ló ń gbé e jáde, kì í ṣe ara ojú-ewé. Ìdí nìyẹn tí ìtumọ̀ kì í fi í dé ibẹ̀, tí bọ́tìnnì rẹ̀ sì ń wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn lè rò pé nítorí pé òun ka `OK`, òun ti mọ ohun tí òun ń gbà sí.

Ibẹ̀ ló ti pè mí.

"Bùrọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ pa ráútà kí n tún un tàn, nǹkan kan wá jáde, mi ò mọ ohun tó ń wí."

"Ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Má tíì tẹ nǹkan kan."

Ohun tó wà nínú àwòrán náà ni `恢复出厂设置`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ráútà gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀, kó padà sí bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èyí tí ọmọ náà ń wá, `重启`, ló wà lápá òsì rẹ̀. Mo ní kó tẹ `Cancel`, kó gbé fóònù sílẹ̀, mò ń bọ̀.

Mo bi í léèrè bóyá ó ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíì. Ó ní òun ti fi ojú-ewé àkọ́kọ́ sórí Wọ́sáàpù kíláàsì àwọn láàárọ̀, bóyá ẹnì kan á lè kà á. Orúkọ wáìfáì àti páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú àwòrán náà kedere, torí ráútà yẹn kì í fi àmì róbótó bo páásìwọ́ọ̀dù ní ojú-ewé àkọ́kọ́. Ó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn ti rí i. Bó ṣe di ohun tí a gbọ́dọ̀ parí lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí `OK` yẹn ìbá ti dá sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó fún wọn ní íńtánẹ́ẹ̀tì ń lo PPPoE, ìyẹn ni pé ráútà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù kan wọlé sọ́dọ̀ wọn kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè ṣàn. Inú ráútà ni méjèèjì wà. Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí nígbà tí wọ́n fa wáyà wọlé ti sọnù. Ká ní ráútà ti gbàgbé wọn ni, ṣọ́ọ̀bù náà kò ní rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò títí ilé iṣẹ́ náà á fi dáhùn ìpè, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sẹ́nu ọ̀nà.

Èyí jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà hàn bó ṣe rí. Páásìwọ́ọ̀dù mẹ́ta ló wà nínú ráútà kan, `密码` sì ni Ṣáínà ń pe gbogbo wọn. Ìtumọ̀ búráúsà lè kọ `password` sí ojú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sì jẹ́ òótọ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú `密码` ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. `无线密码` ni ti wáìfáì. `登录密码` tàbí `管理员密码` ni ti ojú-ewé ráútà. `宽带密码` ni ti ilé iṣẹ́ tó ń fúnni ní íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù àti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì dání. Mo ki wáyà bọ ọ̀kan nínú ihò LAN, kì í ṣe ihò WAN tí wáyà ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé sí, mo sì pa wáìfáì láptọ́ọ̀pù. Ìdí tí mo fi ń lo wáyà ni pé lọ́gán tí èèyàn bá fi orúkọ tàbí páásìwọ́ọ̀dù wáìfáì tuntun pa mọ́, ráútà á já gbogbo ẹni tó wà lórí wáìfáì. Tí ìwọ náà bá wà lórí rẹ̀, tó o sì ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, o ti ti ara rẹ mọ́ta nìyẹn. Wáyà kì í já. Mo wá ṣí `Command Prompt` lórí Windows, mo béèrè àdírẹ́ẹ̀sì ráútà lọ́wọ́ láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀:

```
ipconfig
```

Ó fún mi ní `192.168.1.1` níwájú `Default Gateway`. Ó sàn kí èèyàn béèrè báyìí ju kó gba ohun tí bébà ìdí ráútà sọ gbọ́, torí ẹni tó kọ́kọ́ tò ó lè ti yí i padà.

Mo pa ìtumọ̀ búráúsà kí n tó wọlé. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu. Ìtumọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ míì rọ́pò èyí tó wà lójú-ewé, ojú-ewé ráútà míì sì máa ń dàrú nígbà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá yí padà: bọ́tìnnì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí àpótí kan á ṣófo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ojú-ewé ni búráúsà ń fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ń túmọ̀, páásìwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sílẹ̀ kedere sì lè bá a lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fi fóònù ya ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀, kí n jẹ́ kí fóònù túmọ̀ rẹ̀, kí ojú-ewé fúnra rẹ̀ sì wà bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà mo bi ọmọ náà pé, "Kí lorúkọ wáìfáì yín báyìí?" Ó sọ ọ́. "Ó dáa. Wá a lójú-ewé yìí. Má wo èdè Ṣáínà rárá, ohun tó o mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó o wá."

Ó fi ìka tọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí èdè tó lè yí orúkọ tí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ padà. Àpótí tí orúkọ àtijọ́ bá wà nínú rẹ̀ ni àpótí orúkọ wáìfáì, èyí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ tí páásìwọ́ọ̀dù tí ẹ ti ń lò bá sì wà nínú rẹ̀ ni ti páásìwọ́ọ̀dù. Lẹ́bàá wọn, `2.4G`, ìyẹn ìgbì tí wáìfáì náà ń gbà jáde, àti `WPA2-PSK`, irú ààbò rẹ̀, wà níbẹ̀. Ìwọ̀nyí náà kì í yí padà, èdè yòówù tí wọ́n bá fi kọ ìyókù.

Nígbà tá a rí i, mo fi ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí àpótí náà, mo yan `Inspect`, búráúsà sì fi ohun tí ẹni tó ṣe ojú-ewé náà kọ hàn mí. Èdè Ṣáínà ló wà lójú ewé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ àpótí wọn lórúkọ. Ohun tí mo rí fẹ́ jọ èyí:

```
<input type="text" id="ssid">
<input type="password" id="wlanPwd">
<img id="factoryReset">
```

`ssid` ni orúkọ wáìfáì, `wlan` ni wáìfáì. Ìlà kẹta ni bọ́tìnnì tó fẹ́ dá ọmọ náà lóró, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sì ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Wíwò nìkan lèyí, kì í yí nǹkan kan padà nínú ráútà. Ó dára kí èèyàn yẹ bọ́tìnnì tí kò mọ̀ wò báyìí kó tó tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe gbogbo ráútà ló ń ràn wá lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn kan wà tí orúkọ àpótí wọn kò ní ìtumọ̀ kankan. Níbẹ̀, orúkọ tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù láti dìmú.

Kí n tó yí ohunkóhun padà, mo ya àwòrán ojú-ewé wáìfáì àti ojú-ewé `宽带拨号`, níbi tí orúkọ PPPoE wà, sórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo kọ orúkọ PPPoE náà sínú ìwé fún ìyá. Àmì róbótó ló bo páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà nígbà tí kò tíì sí ìṣòro.

Ó ku orúkọ tuntun. Ìyá fẹ́ kí n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Inú mi dùn sí i, torí ó máa ń dùn mí bí a ṣe ń kọ Yorùbá láìlámì. Ṣùgbọ́n àyè 32 péré ni orúkọ wáìfáì ní, lẹ́tà `a` gba ọ̀kan, `ọ́` kan ṣoṣo sì lè gba 5. Orúkọ tí kò gùn lójú èèyàn lè kọjá àyè. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò lè fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ hàn dáadáa lójú kékeré rẹ̀. A yọ àmì kúrò, ìyá gbà. Páásìwọ́ọ̀dù wáìfáì kò gbọ́dọ̀ dín ní lẹ́tà 8, kò sì gbọ́dọ̀ ju 63 lọ. Ìyá yan ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára wọn tan, ó fi nọ́ńbà sáàárín wọn. Mo tẹ àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kí a lè rí ohun tí mo kọ, ìyá kà á sókè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ `保存`, ìyẹn ni kó pa á mọ́.

Ohun kan wà nítòsí tí mi ò fọwọ́ kàn: `加密方式`, ibi tí wọ́n ti ń yan irú ààbò. Ó wà lórí `WPA2-PSK`, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni `不加密`, tó ń ṣí wáìfáì sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá ṣèèṣì yàn án á rí i pé àpótí páásìwọ́ọ̀dù pòórá. Tí ó bá pòórá lójú yín, ẹ má pa á mọ́, ẹ tún ojú-ewé náà ṣí.

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbogbo fóònù já. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Mo ní kí ọmọ náà fi fóònù tirẹ̀, tí páásìwọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, gbìyànjú láti wọlé. Ó yẹ kó kọ̀.

Ó wọlé.

Ìyá wò mí. Èmi náà wo fóònù: orúkọ àtijọ́ ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú `_5G` nídìí rẹ̀. Ráútà náà ń gbé wáìfáì méjì jáde, ọ̀kan lórí 2.4G, èkejì lórí 5G, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ, páásìwọ́ọ̀dù àti bọ́tìnnì `保存` tirẹ̀. Ìpín 5G wà nísàlẹ̀ ojú-ewé, ojú láptọ́ọ̀pù mi kò gbà á, mi ò sì fà á wálẹ̀. Ká ní mo ti lọ ni, àwọn ará ìtòsí á ti máa bá ìgbádùn wọn lọ láti ojú ọ̀nà kejì. Mo yí ti ibẹ̀ padà, mo tún yẹ `访客网络` wò, wáìfáì tí wọ́n ń ṣí fún àlejò. Ó wà ní `关闭`, ìyẹn ni pé wọ́n ti pa á. Ọmọ náà tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí fóònù rẹ̀ kò rí orúkọ àtijọ́ kankan mọ́, a sì fi páásìwọ́ọ̀dù àtijọ́ dán orúkọ tuntun méjèèjì wò, méjèèjì kọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, fóònù tí páásìwọ́ọ̀dù àtijọ́ wà nínú rẹ̀ ni mo fi ń dán iṣẹ́ wò ṣáájú. Pé fóònù tuntun wọlé kò fi hàn pé ẹni àtijọ́ ti jáde.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la gbàgbé. Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó rí i pé iṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ọmọ náà sì fi páásìwọ́ọ̀dù tuntun sí i fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbi iṣẹ́ èèyàn, ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí wáìfáì sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ní pàtàkì àwọn tí kò ní bọ́tìnnì lẹ́tà lára.

Ọmọ náà bi mí pé, "Bùrọ̀dá, ṣé a ò lè fi sọ́fítíwíà Gẹ̀ẹ́sì sí i, ká bọ́ lọ́wọ́ eléyìí?" Mo fi bébà ìdí ráútà hàn án. Nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà àti ẹ̀dà rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún Ṣáínà àti èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ayé lè jọ ara wọn lóde, kí inú wọn má dọ́gba. Sọ́fítíwíà tí kì í ṣe ti ẹ̀dà náà gan-an lè pa ráútà débi tí kò ní tàn mọ́. Fún ọ̀rọ̀ tí kò ju mẹ́wàá lọ, mi ò rí ìdí tí a fi máa fi ráútà tó ń ṣiṣẹ́ ta tẹ́tẹ́.

Dípò ìyẹn, a gé káàdì kan. Mo kọ `无线名称`, `无线密码` àti `保存` sí ojú kan, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá. Sí ojú kejì, mo fi bírò pupa kọ `恢复出厂设置` àti `宽带密码`, mo sì kọ "má fọwọ́ kàn án" sí abẹ́ méjèèjì. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìṣirò. Páásìwọ́ọ̀dù ojú-ewé ráútà tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyá fi bírò pa á rẹ́, ó kọ tuntun sí bébà kan, ó sì tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́.